Láti Orí Kajú Padà sí Èjìká: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Igun Apá Rọ́bọ́ọ̀tì Olóríkèé Mẹ́ta

Kajú kan wà lórí tábìlì, apá rọ́bọ́ọ̀tì kan sì wà nítòsí rẹ̀. A mọ ibi tí kajú wà, nítorí a ti fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ohun tí a kò tíì mọ̀ ni iye digírì tí ìbàdí, èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ apá náà yóò yí kí ìka rẹ̀ tó bà lé e. Mọ́tò kò mọ sẹ̀ǹtímítà. Digírì nìkan ló gbọ́.

Ìṣirò tó ń sọ sẹ̀ǹtímítà di digírì yìí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní ínfáàsì kinimátíìsì. Èmi yóò máa pè é ní ìṣirò àbọ̀, nítorí ó ní ìkejì tó jẹ́ àlọ. Nínú àlọ, ẹ ti mọ igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wá ń wá ibi tí ìka yóò bọ́ sí. Nínú àbọ̀, ibi tí ìka yóò bọ́ sí lẹ mọ̀, igun lẹ ń wá. Àlọ kì í dààmú ẹnikẹ́ni. Àbọ̀ ló ń mú kí àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, wá bá mi pẹ̀lú apá tó ń lu tábìlì. Lọ́pọ̀ ìgbà, kóòdù ẹlòmíràn ni wọ́n dà sínú apá tí àwọn fúnra wọn gé, láìmọ ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ.

Apá tí a ó lò jẹ́ irú èyí tó wọ́pọ̀ jù: ìbàdí tó ń yí sọ́tùn-ún sósì, èjìká tó ń gbé sókè sódò, àti ìgbọ̀nwọ́ tí òun náà ń gbé sókè sódò. Ẹ jẹ́ ká fi pákó fẹ́lẹ́ ṣe é, kí mọ́tò sẹ́fò MG996R mẹ́ta máa gbé e.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wọ̀n

Ìwọ̀n mẹ́ta péré ni ìṣirò náà ń béèrè. Àkọ́kọ́ ni gíga èjìká láti ojú tábìlì. Ẹ wọ̀n ọ́n dé àárín ihò tí èjìká ń yí lé, ẹ má wọ̀n ọ́n dé orí pákó. Tiwa jẹ́ 8 sẹ̀ǹtímítà, ẹ jẹ́ ká pè é ní H. Ìkejì ni gígùn apá òkè, láti àárín ihò èjìká dé àárín ihò ìgbọ̀nwọ́: 12 sẹ̀ǹtímítà, a pè é ní L1. Ìkẹta ni apá ìsàlẹ̀, láti ihò ìgbọ̀nwọ́ dé ibi tí ìka méjèèjì ti pàdé nígbà tí wọ́n bá pa dé: 10 sẹ̀ǹtímítà, L2. Ibi ìkẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á wọ̀n pákó dé òpin rẹ̀, wọ́n á gbàgbé ìka tó yọ síwájú pákó, apá náà á sì máa kọjá kajú nígbà gbogbo.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yan ibi tí gbogbo ìwọ̀n yóò ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ojú tábìlì lábẹ́ ojú ibi tí ìbàdí ń yí lé gan-an. Ibẹ̀ ni òdo wa. Láti ibẹ̀, iwájú ni x, ọwọ́ òsì ni y, òkè ni z. Kajú tiwa wà lórí ìdúró kékeré kan, 12 sẹ̀ǹtímítà síwájú, 9 sẹ̀ǹtímítà sí òsì, 4 sẹ̀ǹtímítà láti ojú tábìlì. Nítorí náà, x = 12, y = 9, z = 4.

Ìbàdí: ẹ yí i kọjú sí kajú

Ẹ wo tábìlì láti òkè bí ẹni tó dúró lé e lórí. Láti òkè, èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ kò lè mú apá lọ sí òsì tàbí ọ̀tún. Ìbàdí nìkan ló ní agbára yẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó kọjú apá sí kajú lọ, igun rẹ̀ sì jẹ́ igun ìlà tó lọ láti òdo dé ọ̀dọ̀ kajú:

`a = atan2(9, 12) = 36.87°`

Bí ẹ ṣe ń ṣe é lọ, ẹ mú jíjìnnà kajú sí òdo, láti òkè wò ó. A sọ 12 di ìlọ́po ara rẹ̀, ó jẹ́ 144. A sọ 9 náà di ìlọ́po ara rẹ̀, ó jẹ́ 81. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 225, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 15. Ẹ jẹ́ ká pè é ní r.

Ẹ ṣàkíyèsí pé `atan2` ni mo kọ, kì í ṣe `atan`. Bí kajú bá wà lẹ́yìn, tí x jẹ́ -12 tí y ṣì jẹ́ 9, `atan` yóò pín 9 pẹ̀lú -12, yóò sì dáhùn pé -36.87°, èyí tó ń tọ́ka sí iwájú, lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìdí ni pé nígbà tí ẹ ti pín in tán, kò mọ èyí tó jẹ́ òdì nínú méjèèjì mọ́. `atan2` gba nọ́ńbà méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì dáhùn pé 143.13°, tó jẹ́ òótọ́. Bí apá yín bá ń ṣe dáadáa níwájú, tó wá ń kọjú síbi tó dojú kọ ibi tó yẹ gan-an nígbà tí ohun bá wà lẹ́yìn, ibí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìgbọ̀nwọ́: gbogbo rẹ̀ kò ju onígun mẹ́ta kan lọ

Ìbàdí ti kọjú sí kajú. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo apá náà láti ẹ̀gbẹ́. Láti ibí, ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún ti parí. Ohun tó kù ni iwájú àti òkè. Kajú wà ní 15 sẹ̀ǹtímítà síwájú, 4 sẹ̀ǹtímítà sókè. Ṣùgbọ́n èjìká ni apá ti bẹ̀rẹ̀, èjìká sì ti ga tó 8. Nítorí náà, tí a bá wò ó láti èjìká, kajú wà nísàlẹ̀: 4 yọ 8 kúrò jẹ́ -4. Ẹ pè é ní s.

Èjìká, ìgbọ̀nwọ́ àti kajú di onígun mẹ́ta. A mọ ẹ̀gbẹ́ méjì, 12 àti 10. Ẹ̀gbẹ́ kẹta ni ìlà tó lọ tààrà láti èjìká dé ọ̀dọ̀ kajú. Ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 225 pẹ̀lú 16, tí í ṣe 241, tí ìlà náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 15.52 sẹ̀ǹtímítà. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta onígun mẹ́ta bá ti wà lọ́wọ́, igun rẹ̀ kò lè sá pamọ́. Òfin kọsáìnì tí a kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì ló máa mú un jáde:

`k = (r² + s² − L1² − L2²) / (2 × L1 × L2)`

`k = (241 − 144 − 100) / 240 = −0.0125`

Igun tí kọsáìnì rẹ̀ jẹ́ -0.0125 ni 90.72°. Iye yìí ni ìgbọ̀nwọ́ fi tẹ̀ kúrò nínú nínà tààrà. Bí apá bá nà gbọnrangandan, igun ìgbọ̀nwọ́ jẹ́ òdo.

Àmọ́ ọmọkùnrin kan bi mí léèrè ohun tó yẹ kí gbogbo ènìyàn béèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé 90.72 ni àbí -90.72? Kọsáìnì àwọn méjèèjì dọ́gba." Òótọ́ ló sọ. Ìdáhùn méjì ló wà. Nínú ọ̀kan, ìgbọ̀nwọ́ yọ sókè, apá ìsàlẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀ sórí kajú. Nínú èkejì, ìgbọ̀nwọ́ rì sísàlẹ̀, apá ìsàlẹ̀ sì ń nà sókè láti bá kajú. Ìṣirò kò ní yan ọ̀kan fún yín, nítorí méjèèjì tọ́ lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò èjìká fún méjèèjì, ká wo ohun tí tábìlì yóò sọ.

Èjìká, àti ìdí tí a fi ń yan ìgbọ̀nwọ́ òkè

Igun èjìká ní apá méjì. Apá kan ni igun ìlà tó lọ tààrà sọ́dọ̀ kajú: `atan2(−4, 15) = −14.93°`, ìyẹn ni pé ìlà náà tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Apá kejì ni iye tí apá òkè gbọ́dọ̀ yà kúrò lára ìlà náà kí ìgbọ̀nwọ́ lè rí àyè tẹ̀:

`atan2(L2 × sin c, L1 + L2 × cos c)`

Lẹ́tà c ni igun ìgbọ̀nwọ́. Nítorí pé 10 lọ́nà -0.0125 jẹ́ -0.125, nọ́ńbà kejì inú àkámọ́ di 11.875. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ 9.999. Igun tó jáde jẹ́ 40.10°, tí àmì rẹ̀ ń tẹ̀ lé àmì c. A ó yọ ọ́ kúrò nínú -14.93.

Bí c bá jẹ́ +90.72, èjìká di -14.93 yọ 40.10, ìyẹn -55.03°. Ẹ wo ibi tí ìgbọ̀nwọ́ yóò wà: gíga rẹ̀ jẹ́ 8 pẹ̀lú 12 lọ́nà sáìnì -55.03°, tí í ṣe 8 yọ 9.83. Ó jẹ́ -1.83 sẹ̀ǹtímítà. Ìgbọ̀nwọ́ ti wọ inú tábìlì! Apá tó ń lu tábìlì tí mo mẹ́nu kàn lókè, ìdí rẹ̀ nìyí ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ìṣirò kò mọ̀ pé tábìlì wà.

Bí c bá jẹ́ -90.72, èjìká di -14.93 pẹ̀lú 40.10, ìyẹn 25.17°. Ìgbọ̀nwọ́ wà ní nǹkan bíi 13.1 sẹ̀ǹtímítà sókè, kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́. Èyí la mú. Ìbàdí 36.87°, èjìká 25.17°, ìgbọ̀nwọ́ -90.72°.

Ẹ fi àlọ yẹ àbọ̀ wò

Kí ẹ tó fi iná sí mọ́tò, ẹ dá igun wọ̀nyí padà sínú ìṣirò àlọ. Apá òkè gba igun 25.17°. Apá ìsàlẹ̀ gba àròpọ̀ èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, tó jẹ́ -65.55°. Iwájú jẹ́ 12 lọ́nà 0.9051 pẹ̀lú 10 lọ́nà 0.4139, ó jẹ́ 15.00. Òkè jẹ́ 8 pẹ̀lú 12 lọ́nà 0.4253, yọ 10 lọ́nà 0.9103, ó jẹ́ 4.00. A padà dé ọ̀dọ̀ kajú. Bí tiyín kò bá padà débẹ̀, àṣìṣe wà nínú àmì òdì ibìkan, tàbí kí kalikulétọ̀ wà lórí rédíánì nígbà tí ẹ rò pé digírì ni.

Nọ́ńbà -65.55° yẹn tún ń sọ ohun mìíràn. Òun ni igun tí ìka fi ń bọ̀ wá bá kajú, ó dà gẹ̀rẹ̀ láti òkè. Oríkèé mẹ́ta lè gbé ìka dé ibi tí a bá fẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ ká tún yan bí ìka yóò ṣe kọjú. Kajú orí ìdúró kò ní wàhálà. Kajú tó wà nínú abọ́ jíjìn, apá ìsàlẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbá etí abọ́.

Kóòdù Aduínò rẹ̀ rèé, ìgbọ̀nwọ́ òkè nìkan ló wà nínú rẹ̀:

```cpp
bool ik(float x, float y, float z,
        float &a, float &b, float &c) {
  const float H = 8, L1 = 12, L2 = 10;
  float r = sqrt(x*x + y*y);
  float s = z - H;
  float k = (r*r + s*s - L1*L1 - L2*L2) / (2*L1*L2);
  if (k > 1 || k < -1) return false;
  a = atan2(y, x);
  c = -acos(k);
  b = atan2(s, r) - atan2(L2*sin(c), L1 + L2*cos(c));
  a *= RAD_TO_DEG; b *= RAD_TO_DEG; c *= RAD_TO_DEG;
  return true;
}
```

Ẹ má yọ ìlà `if` yẹn. Ẹ gbé kajú lọ sí x = 20, y = 12, z = 3. Iye k di 325 pín sí 240, tí í ṣe 1.354. Kò sí igun tí kọsáìnì rẹ̀ ju 1 lọ, nítorí apá tó gùn ní 22 sẹ̀ǹtímítà kò lè na ọwọ́ mú ohun tó jìnnà ju 22 lọ. `acos` yóò dá `nan` padà, ìyẹn ohun tí kì í ṣe nọ́ńbà, `nan` náà yóò sì ba igun èjìká jẹ́ pẹ̀lú. Bí ẹ bá fi èyí ránṣẹ́ sí sẹ́fò, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò fì sí. Bákan náà, ohun tó sún mọ́ èjìká ju 2 sẹ̀ǹtímítà lọ kò ṣe é mú, nítorí 12 yọ 10 jẹ́ 2.

Kódà kí apá tó nà tán, ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti 15.5 sí 15.6 sẹ̀ǹtímítà, ìgbọ̀nwọ́ kò yí tó digírì kan, nǹkan bíi 0.74° ni. Láti 21.9 sí 22, mílímítà kan náà ni, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ gbọ́dọ̀ yí ní 11°. Bí ẹ bá ní kí apá rìn tààrà síbẹ̀, yóò fò lójijì ní ìparí. Èmi kì í jẹ́ kí iṣẹ́ kọjá 21 sẹ̀ǹtímítà lórí apá yìí.

Láti igun ìṣirò sí igun sẹ́fò

Sẹ́fò kò mọ igun òdì. Ó ń ka láti òdo dé 180, ibi tó sì ń pè ní òdo kì í ṣe ibi tí ìṣirò ń pè ní òdo. Lórí apá tiwa, a de ìbàdí kí 90 sẹ́fò jẹ́ iwájú, nítorí náà a fi 90 kún a: 126.87. A de èjìká kí òdo rẹ̀ jẹ́ nínà gbọọrọ síwájú, tí 90 jẹ́ òkè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀: 25.17. A de ìgbọ̀nwọ́ kí 180 jẹ́ apá tó nà tán, nítorí náà a fi 180 kún c: 89.28. Bí wọ́n bá de sẹ́fò tiyín ní ìdojúkọ, ẹ ó yọ igun náà dípò kí ẹ fi kún un.

Ibí gan-an ni mo ti rí i pé iṣẹ́ ń bàjẹ́ jù, lẹ́yìn tí ìṣirò ti tọ́ tán. Orí MG996R ní eyín 25. 360 pín sí 25 jẹ́ 14.4°, nítorí náà apá ike tí ẹ fi kọ́ ọ lórí lè yẹ̀ ní digírì 7 kúrò níbi tí ẹ fẹ́ ẹ, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi ọwọ́ tún un ṣe. Ní 15.5 sẹ̀ǹtímítà, digírì kan lórí èjìká jẹ́ 2.7 mílímítà lórí ìka. Digírì méje fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Ẹ má jà pẹ̀lú eyín náà. Ẹ kọ́ ọ síbi tó bá sún mọ́ jù, ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì àwọn bíríkìlà sórí apá òkè, kí ẹ máa yí nọ́ńbà sẹ́fò títí omi inú rẹ̀ yóò fi dúró láàárín, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ 6, 6 ni ẹ ó máa fi kún igun èjìká láti ìsinsìnyí lọ.

Ohun kejì ni pé 180 sẹ́fò kì í sábà jẹ́ 180 gidi. Ẹ lo `writeMicroseconds`, ẹ fi 1000 ránṣẹ́, kí ẹ sàmì sí ibi tó dúró, lẹ́yìn náà ẹ fi 2000 ránṣẹ́, kí ẹ wọ̀n igun tó wà láàárín wọn. Ká ní ó jẹ́ 94°. 1000 pín sí 94 jẹ́ 10.64 fún digírì kọ̀ọ̀kan, òun ni ẹ ó lò fún sẹ́fò yẹn nìkan. Èkejì rẹ̀ láti inú páálí kan náà lè yàtọ̀.

Bí ẹ ṣe lè mọ ibi tí àṣìṣe wà

Ẹ so pẹ́ńsù mọ́ ìka, ẹ tẹ́ pépà tó ní ìlà sórí tábìlì, kí ẹ ní kí apá fi àmì sí bíi ibi mẹ́sàn-án káàkiri. Àmì wọ̀nyẹn yóò sọ̀rọ̀. Bí gbogbo wọn bá yí papọ̀ yí òdo ká, ìbàdí ni kò tọ́. Bí wọ́n bá kọjá tàbí kù ní iye kan náà ní gbogbo ìhà, kí ẹ wo ihò èjìká. Ó lè jẹ́ pé kò sí lórí ojú ibi tí ìbàdí ń yí lé, pé ó ti yọ síwájú. Bó bá yọ ní 2 sẹ̀ǹtímítà, ẹ gbọ́dọ̀ yọ 2 kúrò nínú r kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun mìíràn. Fún kajú wa, r di 13, ìgbọ̀nwọ́ sì di 104.23° dípò 90.72°, ìyàtọ̀ tí kò kéré rárá.

Bí ìka bá ń rẹlẹ̀ sí i bí apá ṣe ń nà sí i, ìṣirò kò ní ẹ̀bi. Ìwúwo ló ń fà á. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n fóótì tó ń dé ọ̀dọ̀ sẹ́fò nígbà tí apá ń gbé nǹkan. Iná tó gba inú bọ́ọ̀dù Aduínò wá kò lè bọ́ sẹ́fò mẹ́ta. Bátìrì tiwọn ni kí ẹ fún wọn, kí ẹ sì so wáyà òdì bátìrì náà pọ̀ mọ́ ti Aduínò.

Ẹni tó bá fẹ́ mú kajú inú abọ́ jíjìn yóò fi ọrùn-ọwọ́ kún un, tó máa jẹ́ oríkèé kẹrin. Onígun mẹ́ta kan náà ṣì ni. Ẹ jẹ́ kí 10 sẹ̀ǹtímítà apá ìsàlẹ̀ parí sí ọrùn-ọwọ́, kí ọwọ́ gùn ní 6, kí ó sì máa kọjú sílẹ̀ tààrà. Ọrùn-ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà ní 6 lókè kajú, nítorí náà ẹ ṣírò fún z = 10 dípò 4. Ìgbọ̀nwọ́ di -93.58°, èjìká di 48.86°, àròpọ̀ wọn jẹ́ -44.72°. Kí ọwọ́ tó wà ní -90° gan-an, ọrùn-ọwọ́ yóò tẹ̀ ní -45.28°. Ọgbọ́n yíyọ ọrùn-ọwọ́ sọ́tọ̀ yìí ni Donald Pieper fi hàn ní Stanford ní 1968 fún apá olóríkèé mẹ́fà: bí ojú ibi tí oríkèé mẹ́ta tó kẹ́yìn ń yí lé bá pàdé ní ibì kan ṣoṣo, ìṣirò ibi tí ọwọ́ wà àti ìṣirò bí ó ṣe kọjú yóò pínyà, a ó sì lè fi fọ́múlà yanjú wọn tán. Níbi tí wọn kò bá pàdé, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó yà wọ́n, kọ̀ǹpútà yóò máa fojú bù ú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ibẹ̀.